Tẹ̀ Lé Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà

Nínú ìdánwò físíìsì, ohun tó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù nípa àwọn rẹsítọ̀ tí a so pọ̀ ni àwòrán fúnra rẹ̀. Rẹsítọ̀ méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé, síbẹ̀ kí iná má pín sí wọn. Ṣé iná kan náà ló gba inú méjèèjì kọjá láìsí ìkóríta láàárín? Wọ́n tẹ̀ léra nìyẹn, a ó rò wọ́n pọ̀. Àmọ́ bí orí wọn bá pàdé lójú kan, tí ìdí wọn náà sì pàdé, iná pín sí wọn nìyẹn.

Ká ní bátìrì 14 V wà. Iná kọ́kọ́ gba 5 Ω, ó wá pín sí ẹ̀ka méjì: ọ̀kan ní 3 Ω, èkejì ní 2 Ω àti 4 Ω tó tẹ̀ léra. Inú lọ́hùn-ún la ti ń bẹ̀rẹ̀: 2 àti 4 di 6 Ω. Lẹ́yìn náà:

1/R = 1/3 + 1/6 = 1/2

Ibí yìí gan-an ni máàkì ti ń sọnù. Wọ́n á kọ 1/2 sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé láti yí i po kó di R = 2 Ω. Ọ̀nà wà láti mọ̀: bó bá jẹ́ ẹ̀ka méjì, ìdáhùn kì í ju èyí tó kéré nínú wọn, kì í sì í dín sí ìdajì rẹ̀. Láàárín 1.5 sí 3 ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Fi 5 kún 2, ó di 7 Ω. Bátìrì 14 V yóò wá ti iná 2 A jáde.