Eélòó Ni Iṣẹ́ Yìí Yóò Jẹ Kó Tó Parí? Bí A Ṣe Ń Mọ Fọ́múlà Tó Bá Ìbéèrè Mu

Ẹni tó bá ń múra ìdánwò PMP, èyí tí àjọ PMI ní Amẹ́ríkà fi ń fún àwọn alámòójútó iṣẹ́ àkànṣe ní ìwé ẹ̀rí, lè bá irú ìbéèrè kan pàdé: iṣẹ́ ti lọ dé ibì kan, owó tó ti jáde ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ, eélòó wá ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ kó tó parí? EAC ni wọ́n ń pe iye náà. Fọ́múlà mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá a, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ti há mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Síbẹ̀ wọ́n ń gba ìbéèrè yìí ní àṣìgbà, nítorí pé ìdáhùn tí fọ́múlà tí kò yẹ máa ń mú jáde sábà máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ní kí wọ́n mú. Ẹni tó ṣìṣe á rí iye tó ṣírò níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì fàmì sí i.

Ohun tó ya fọ́múlà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ohun tí a gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ tó kù. Owó tó ti jáde ti jáde, kò sí fọ́múlà tó lè dá a padà. Iṣẹ́ tó kù nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ ilé kan wò ó.

Ká sọ pé wọ́n ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọ́níyà, n'Ibadan. Mílíọ̀nù 60 náírà ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà: mílíọ̀nù 15 fún ìpìlẹ̀, mílíọ̀nù 12 fún ògiri, mílíọ̀nù 15 fún òrùlé, mílíọ̀nù 6 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mílíọ̀nù 12 fún rírẹ́ ògiri, ilẹ̀ ilé àti ọ̀dà. Mílíọ̀nù 60 yìí ni BAC.

Lónìí tí wọ́n lọ wo iṣẹ́, ìpìlẹ̀ ti parí. Ògiri ti ga dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi tó yẹ kó dé. Iye tí bọ́jẹ́ẹ̀tì fi sí iṣẹ́ tó ti parí yìí jẹ́ mílíọ̀nù 15 fún ìpìlẹ̀ àti mílíọ̀nù 9 fún ògiri, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 24. Èyí ni EV. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì béèrè iye tí wọ́n ná. Iye tí wọ́n ná gan-an, tí a bá ka gbogbo ìwé ẹ̀rí owó, jẹ́ mílíọ̀nù 30. Ìyẹn ni AC. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ lé ètò tí wọ́n ṣe, iṣẹ́ mílíọ̀nù 32 ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ lónìí. Ìyẹn ni PV.

Bí a bá fi 30 pín 24, a ó rí 0.8, èyí tí wọ́n ń pè ní CPI. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé náírà kọ̀ọ̀kan tó jáde, iṣẹ́ ọgọ́rin kọ́bọ̀ ló mú wá. Bí a bá fi 32 pín 24, a ó rí 0.75, èyí tí í ṣe SPI: nínú iṣẹ́ mẹ́rin tó yẹ kó ti parí, mẹ́ta ló parí. Owó ti kọjá, àkókò náà ti lọ. Iṣẹ́ tó kù, ní iye tí bọ́jẹ́ẹ̀tì fi sí i, jẹ́ mílíọ̀nù 36.

```
EAC = AC + (BAC - EV)
EAC = BAC / CPI
EAC = AC + (BAC - EV) / (CPI * SPI)
EAC = AC + ETC
```

Fọ́múlà kìíní ni ti ẹni tó gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò ní í tún ṣẹlẹ̀. Ká ní ohun tó jẹ owó ni pé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n bá omi lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n fa omi náà, wọ́n sì da kọnkéré kún ihò tó jìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Omi kò sí lórí òrùlé, kò sí nínú ọ̀dà. Kò sí ìdí tí iṣẹ́ tó kù yóò fi ju iye tí wọ́n fi sí i lọ. A ó fi mílíọ̀nù 30 tó ti jáde kún mílíọ̀nù 36 tó kù, ó di mílíọ̀nù 66. Nínú ìdánwò, ẹ ó mọ ìbéèrè yìí nípa bí yóò ṣe sọ pé ìṣòro náà jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pé wọ́n ti yanjú rẹ̀, tàbí pé iṣẹ́ tó kù yóò lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀.

Fọ́múlà kejì ni ti ẹni tó gbà pé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ báyìí náà ni yóò máa lọ. Ká ní sìmẹ́ǹtì ló wọ́n, tí owó bíríkìlà sì gòkè, tí kò sì sí àmì pé yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọgọ́rin kọ́bọ̀ lórí náírà kọ̀ọ̀kan ni a ó máa rí títí dé òpin. A ó fi 0.8 pín 60, ó di mílíọ̀nù 75. Bí ìbéèrè kò bá sọ ohunkóhun nípa ohun tó fa ìnáwó àti bí ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí, tó kàn kó iye sílẹ̀, fọ́múlà yìí ni kí ẹ mú. Òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìdánwò yìí gbà bí èyí tí a ó kọ́kọ́ fà yọ.

Fọ́múlà kẹta máa ń wúlò nígbà tí ọjọ́ ìparí kò ṣeé sún. Ká ní àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé sínú ilé náà lọ́jọ́ ìwọlé oṣù kẹsàn-án, iṣẹ́ sì ti fà sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò ní láti máa ṣe òru, wọn yóò gba owó àfikún, àwọn bíríkìlà méjì yóò máa ṣe iṣẹ́ níbi tí ọ̀kan ì bá tó. Ìfàsẹ́yìn fúnra rẹ̀ yóò máa jẹ owó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ CPI àti SPI di púpọ̀ lára wọn: 0.8 lọ́nà 0.75 jẹ́ 0.6. A ó fi 0.6 pín mílíọ̀nù 36, ó di mílíọ̀nù 60. Bí a bá fi mílíọ̀nù 30 tó ti jáde kún un, ó di mílíọ̀nù 90. Ìbéèrè tó bá fẹ́ èyí yóò dárúkọ owó àti àkókò pa pọ̀, yóò sì sọ pé ọjọ́ ìparí kò ní í yẹ̀. Bí ó bá kàn fún yín ní PV láì sọ nípa ọjọ́ ìparí, ẹ ṣọ́ra: wọ́n sábà máa ń jù ú síbẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè fi ṣe ìṣirò tí kò yẹ.

Fọ́múlà kẹrin ni ti ẹni tí kò gba bọ́jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbọ́ mọ́. Ká ní wọ́n wá rí i pé ẹni tó ṣírò òrùlé kò ka pákó tó yẹ, tó sì fi iye páànù tó tinrin síbẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe lọ látẹ̀yìnwá kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa òrùlé tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń ṣírò owó ilé yóò tún jókòó, yóò ka ohun tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 4 láti parí ògiri, mílíọ̀nù 22 fún òrùlé, mílíọ̀nù 8 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mílíọ̀nù 14 fún rírẹ́ ògiri, ilẹ̀ ilé àti ọ̀dà. Mílíọ̀nù 48 ni, òun ni ETC. Pẹ̀lú 30 tó ti jáde, ó di mílíọ̀nù 78. Ìbéèrè rẹ̀ ni èyí tó bá sọ pé ìṣirò àkọ́kọ́ kò tọ̀nà tàbí pé ó ti já sí asán, tó sì fún yín ní iye tuntun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣírò fún iṣẹ́ tó kù.

Iṣẹ́ kan náà, ìwé ẹ̀rí owó kan náà, ó sì di 66, 75, 78 tàbí 90. Nítorí náà ni fọ́múlà kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ gbọ́ iye tó dùn mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí ọkọ̀ òfurufú ogun kan tí wọ́n ń pè ní A-12. Àwọn tó ń yẹ ìṣirò wò ti kìlọ̀ pé owó rẹ̀ yóò ju ibi tí àdéhùn gbà lọ, ṣùgbọ́n àwọn alámòójútó gbá iye tó kéré mú. Ní oṣù kìíní ọdún 1991, Dick Cheney, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà, fagi lé gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ iye tí ẹnìkan mú wá wò. Ká ní agbaṣẹ́ṣe ilé ẹ̀kọ́ Mọ́níyà sọ pé òun yóò ṣì parí rẹ̀ ní mílíọ̀nù 60. Iṣẹ́ tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 36, owó tó kù lọ́wọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 30. Bí a bá fi 30 pín 36, ó jẹ́ 1.2, èyí tí wọ́n ń pè ní TCPI. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti òní lọ, náírà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ wá. Ẹni tó ti ń rí iṣẹ́ ọgọ́rin kọ́bọ̀ látọjọ́ yìí ní láti ṣàlàyé ohun tó yí padà.

Ààlà fọ́múlà kejì náà tún yẹ ní mímọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, CPI kì í dúró lójú kan: ìwé owó kan tó pẹ́ wọlé lè gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìwádìí tí David Christensen àti Scott Heise ṣe lórí àdéhùn iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1993, fi hàn pé lẹ́yìn ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sábà yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Iṣẹ́ ìjọba ńlá ni wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe ilé kékeré. Lórí ilé, ohun tí a ń rà fún ìpìlẹ̀ kọ́ ni a ń rà fún òrùlé, ìyẹn ló fi yẹ kí a wo ohun tó mú owó wọ́n kí a tó gbà pé yóò máa bá wa lọ dé òpin.

Nítorí náà, bí ìbéèrè bá dé iwájú yín, ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹ wá gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó kù, kí ẹ sì kọ́kọ́ mú fọ́múlà kí ẹ tó kó iye sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí nígbà mìíràn ETC ni wọ́n béèrè, kì í ṣe EAC. Ẹni tó bá dáhùn mílíọ̀nù 75 níbi tí wọ́n ti ní kó sọ iye tó kù láti ná, tí í ṣe mílíọ̀nù 45, ti pàdánù máàkì lórí ìṣirò tó ṣe dáadáa.