Ẹni Tí A Jí Gbọ́dọ̀ Tún Wo Inú Àpótí

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tẹ ìwé jáde. Tírẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ètò kan ṣoṣo, ló jọ ń lo àpótí iṣẹ́ kan. Ìdòwú ń kó iṣẹ́ sínú rẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ń mú iṣẹ́ jáde. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí náà pọ̀, bí ó bá sì ṣófo, ẹni tó fẹ́ mú iṣẹ́ ní láti dúró.

Sẹ́máfọ̀ ni Edsger Dijkstra fi yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó kọ ní 1965. Nọ́ńbà kan ni. Ìṣe P ń yọ 1 kúrò lára rẹ̀, V ń fi 1 kún un; ẹni tó bá ṣe P nígbà tó ti di òdo á sùn. Kì í gbàgbé nǹkan: bí Ìdòwú bá ṣe V nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, 1 yẹn á wà níbẹ̀ de Táyé.

Ṣùgbọ́n sẹ́máfọ̀ méjì la nílò níhìn-ín, ọ̀kan fún kọ́kọ́rọ́ àpótí, èkejì fún iye iṣẹ́, ètò tí a sì fi pè wọ́n ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí Táyé bá kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ kó tó bèèrè iye, tí àpótí sì ṣófo, á sùn tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìdòwú kò ní lè wọlé wá kó iṣẹ́ sí i. Ètò náà kò kú, kò sọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan; ó kàn dákẹ́, ẹ̀rọ kò sì ṣe iṣẹ́ kankan fún un.

Mọ́nítọ̀, tí Tony Hoare ṣàlàyé ní 1974, fi àpótí àti kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá kan náà, ó sì fi ìlà ìdúró sí i. Ẹni tó bá ṣe `wait` ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sùn. Àléébù ìlà yìí ni pé kò ní ìrántí: bí a bá pariwo nígbà tí kò sẹ́ni tó ń dúró, ariwo náà ti ṣòfò nìyẹn. Inú àpótí fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ wo òótọ́.

Ní ti Hoare, ẹni tí a jí ló ń wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Java kò rí bẹ́ẹ̀; ẹni tí a jí kàn ń bá àwọn yòókù du ẹnu ọ̀nà ni. Ẹ wò ó: Táyé ń sùn, Ìdòwú kó iṣẹ́ kan sí i, ó sì jí i. Kí Táyé tó gba kọ́kọ́rọ́, Kẹ́hìndé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti wọlé, ó ti mú iṣẹ́ náà lọ. Bí `if` la bá kọ, Táyé á nawọ́ sínú àpótí òfìfo, `NoSuchElementException` á sì jáde, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, nígbà tí èrò bá pọ̀. `while` ló ń mú kó tún wò:

```java
synchronized (apoti) {
  while (apoti.isEmpty())
    apoti.wait();
  ise = apoti.remove();
}
```

Ní tèmi, bó bá jẹ́ kíka iye lásán, sẹ́máfọ̀ tó. Bí ohun tí à ń dúró dè bá ti lé ní nọ́ńbà kan, mọ́nítọ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ètò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá gbogbo `wait()` tó wà lábẹ́ `if` lónìí, kí ẹ sọ ọ́ di `while`.