Apẹja, pẹja, ẹja pípa: ohun tí ẹ̀rọ ìṣàwárí ń fò nínú ìròyìn Yorùbá

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá tún jáde pé òkun ti gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ máa ń padà sínú àkójọ ìròyìn àtijọ́. Oníròyìn, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Ìlàjẹ tó wà lókè òkun, gbogbo wọn á tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sínú àpótí ìṣàwárí. Ìròyìn tí wọ́n ń wá lè wà níbẹ̀ kí ó má sì jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí oníròyìn kọ kò rí bákan náà lójú ẹ̀rọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣàwárí ní òṣùwọ̀n méjì fún irú nǹkan báyìí. Ti àkọ́kọ́, tí a ó máa pè ní ìkárí níhìn-ín, ń béèrè pé: nínú gbogbo ìwé tó yẹ kó jáde, mélòó ló jáde? Èkejì, ìpéye, ń béèrè pé: nínú èyí tó jáde, mélòó ló yẹ? Ẹ̀rọ tó bá da gbogbo àkójọ síta ní ìkárí pípé, àmọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà fẹ ìkárí lójú: gígé ọ̀rọ̀ dé kùkùté, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́mìn, àti dídá ọ̀rọ̀ padà sí bí ó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tí wọ́n ń pè ní lẹ́mátáísẹ́ṣọ̀n.

Gígé kò mọ èdè. Òfin ló ń tẹ̀ lé. Julie Beth Lovins gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Martin Porter sì gbé tirẹ̀, tó gbajúmọ̀ jù, jáde ní 1980. Òfin Porter máa ń wo ìparí ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí `ing`, `ed` tàbí `s` níbi tó yẹ, á gé e dànù. Báyìí ni `fishing`, `fished` àti `fishes` ṣe di `fish`. Ohun tó kù lẹ́yìn gígé kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀rọ̀ inú ìwé àti ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ dé orí kùkùté kan náà, torí náà a gbọ́dọ̀ gé àwọn méjèèjì.

Dídá ọ̀rọ̀ padà ní tirẹ̀ nílò ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì sábà máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ nínú gbólóhùn. Ó mọ̀ pé `fishermen` jẹ́ ọ̀pọ̀ `fisherman`. Gígé kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé àárín ọ̀rọ̀ ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìparí. Ẹni tó bá ní PostgreSQL lórí kọ̀ǹpútà lè rí i fúnra rẹ̀:

```sql
SELECT to_tsvector('english', 'Fishermen were fishing');
-- 'fish':3 'fishermen':1
```

Ẹni tó bá wá `fisherman` nínú àkójọ yìí kò ní rí gbólóhùn náà. Gígé tún máa ń ṣe àṣìṣe tó yàtọ̀ sí èyí: òfin 1980 gé `organization` di `organ`, ó sì da `universe` àti `university` pọ̀ sórí `univers`. Ìkárí lọ sókè, ìpéye jábọ́.

Èrè rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì kò sì pọ̀ tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ní 1991, Donna Harman dán ọ̀nà gígé mẹ́ta wò lórí àkójọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbéèrè kan jèrè, àwọn mìíràn pàdánù, kò sì sí èrè tó dúró ṣinṣin nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Mirko Popovič àti Peter Willett ṣe irú ìdánwò yìí fún èdè Sìlòféníà, tí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà gan-an, wọ́n sì rí i pé gígé ràn án lọ́wọ́ dáadáa. Ìrísí èdè ló ń pinnu èrè. Kí ni ti Yorùbá?

Yorùbá kò ní ìparí ọ̀rọ̀ tí a lè gé. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí ẹni tàbí ìgbà: mo lọ, wọ́n lọ, a ti lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tìtorí èyí sọ pé Yorùbá kò ní ìṣòro gígé rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí Yorùbá ti ń yí padà ni iwájú ọ̀rọ̀ àti ojú oríkèé tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. A lè rí i nínú àkójọ kékeré kan tí a to fún àlàyé yìí. Gbólóhùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló dá lórí iṣẹ́ ẹja pípa:

1. Àwọn apẹja Òde Mahin kò lọ sókun lánàá.
2. Wọ́n ń pẹja ní ẹnu òkun.
3. Ẹja pípa ti di iṣẹ́ líle.
4. Epo tó dà sómi ti ba iṣẹ́ ìpẹja jẹ́.
5. Ẹja tí wọ́n pa kò tó nǹkan.
6. Wọ́n pa iná tí wọ́n fi ń yan ẹja.
7. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà.
8. Ẹlẹ́ja náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

Ká ní ẹnì kan tẹ `apẹja`. Ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ á mú gbólóhùn kìíní nìkan wá. Ọ̀kan nínú márùn-ún ni ìkárí rẹ̀. Bí a bá ṣòfin pé kí ẹ̀rọ gé `a` àti `ì` iwájú ọ̀rọ̀, `apẹja` àti `ìpẹja` á di `pẹja`, gbólóhùn kìíní, èkejì àti ìkẹrin á jáde. Ìkárí ti di mẹ́ta nínú márùn-ún, kò sì sí èyí tí kò yẹ níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin yìí kan náà á gé adé di dé, á gé ayé di yé, nítorí pé kò mọ `a` tó jẹ́ àfòmọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn kẹta àti ìkarùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Láti mú wọn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pẹja jẹ́ pa àti ẹja tí fáwẹ̀lì kan ti jẹ kúrò láàárín wọn. Ibí yìí ni òfin lásán ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó bá ń wo pẹja láti òde kò lè mọ fáwẹ̀lì tó sọnù: ó lè jẹ́ pe ẹja, ó lè jẹ́ pọ ẹja, ó lè jẹ́ pa ẹja. Ìwé atúmọ̀ èdè ló lè sọ pé pa ni, ìyẹn ni pé iṣẹ́ dídá ọ̀rọ̀ padà ni, kì í ṣe ti gígé. Pípa yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé òfin àpètúnpè rẹ̀ hàn gbangba: kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà `í`, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an. Lílọ di lọ, gbígbé di gbé. Síbẹ̀ òfin yìí á sọ Bíbélì di bélì, á sì sọ títí di tí.

Tí a bá wá tú gbogbo rẹ̀, ibo ni ká dúró sí? Bí ẹ̀rọ bá tú apẹja títí dé gbòǹgbò pa, tó sì ń wá pa nìkan, gbólóhùn márààrún á jáde, ìkẹfà àti ìkeje á sì bá wọn jáde, nítorí pé pàṣẹ náà jẹ́ pa àti àṣẹ. Nínú ìwé ìròyìn gidi ọ̀ràn á burú ju èyí lọ: pa iná, pa òwe, pa ìtàn, pa owó, pa ẹnu mọ́, gbogbo wọn á ya wọlé. Gbòǹgbò Yorùbá sábà máa ń jẹ́ sílébù kan péré, ó sì fẹ́lẹ́ jù láti dá ẹrù ìtumọ̀ gbé. Bí ẹ̀rọ bá dúró sórí pa pẹ̀lú ẹja nínú gbólóhùn kan náà, gbólóhùn mẹ́fà ló máa jáde, márùn-ún ló yẹ. Èyí tó yọ́ wọlé ni ti iná tí wọ́n fi ń yan ẹja. A lè fi òté lé e pé kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má jìnnà síra, àmọ́ bí òté náà bá le jù, gbólóhùn karùn-ún á tún sọnù, torí pé tí àti wọ́n wà láàárín ẹja àti pa.

Gbogbo èyí gbà pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ wà lórí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ `apeja`, ìkárí á sì di òfo kí gígé tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ̀rọ bọ́ àmì kúrò ní ìhà méjèèjì, àmọ́ a ní láti ṣọ́ra níbẹ̀. Kóòdù kan ṣoṣo wà fún ẹ nínú Yúníkóòdù (U+1EB9), ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àmì ohùn wọn jẹ́ kóòdù lọ́tọ̀ tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà. Àlẹ̀mọ́ `asciifolding` ti Elasticsearch á sọ ẹ di e, àmọ́ kì í yọ àmì tó dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà, nítorí náà ọ̀ kò ní di o gidi. `icu_folding` ló ń yọ wọ́n. Àwọn òǹkọ̀wé kan sì ń lo ìlà kékeré abẹ́ (U+0329) dípò àmì tó (U+0323). Ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ ń rí i. Bíbọ́ àmì náà ní owó tó ń gbà: oko, ọkọ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan, ní etí omi tó jẹ́ pé ọkọ̀ wà nínú ìròyìn lójoojúmọ́. Ohun tó dára ju ìyẹn ni kí ẹ̀rọ tọ́jú ẹ̀dà méjèèjì, kó máa fi èyí tó bá àmì mu síwájú, kó sì fi èyí tí a bọ́ ṣe àfikún.

Kò sí Yorùbá nínú àwọn èdè tí Snowball ní òfin gígé fún, Elasticsearch náà kò sì ní ètò àkànṣe fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ló máa kọ́ ọ. Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Yorùbá ṣì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n àkójọ ìdánwò MIRACL, tó jáde ní 2023 pẹ̀lú èdè méjìdínlógún, ní Yorùbá nínú, ó sì ń wọn ìkárí láàárín ọgọ́rùn-ún èsì àkọ́kọ́. Pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀, ó dà bíi pé títún àmì ṣe ló yẹ kó ṣáájú, kí àtòjọ ọ̀rọ̀-ìṣe alápapọ̀ bíi pẹja, kọ́lé àti ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí gígé àfòmọ́ sì wá gbẹ̀yìn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Orúkọ ìlú ni kò sí èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì tó ràn lọ́wọ́. Ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 wà nínú ìwé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí `Aiyetoro`, ó sì di `Ayétòrò` nínú àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974. Àwọn ará Jámánì tó gba etíkun Mahin fún ìgbà díẹ̀ ní 1885 kọ ọ́ sílẹ̀ ní `Mahinland`. Ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ pẹ̀lú máa ń fi `u` bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi `i` bẹ̀rẹ̀, uṣẹ́ dípò iṣẹ́. Àtòjọ tí ọwọ́ èèyàn kọ, orúkọ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ni irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. A sì lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́: kí ẹni tó mọ àdúgbò náà yan ogún ìròyìn tó dá a lójú pé ó wà nínú àkójọ, kó tẹ ìbéèrè bí ará ìlú ṣe máa tẹ̀ ẹ́, kó sì ka iye tó jáde ṣáájú àti lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan.