Àyà Ń Já, Kò Sì Sí Ẹni Tó Ń Lé Wa

Ọjọ́ Ajé kan ni, agogo méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, lórí afárá gígùn tó gba Òwòròǹṣòkí wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá bọ́ọ̀sì dúró gbagidi. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 31, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹnikẹ́ni kò sì pè é fún un ní ìròyìn burúkú. Àkàrà àti ògì tó jẹ nílé ṣì wà níkùn rẹ̀. Àfi bí àyà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí àyà náà fi fún pinpin bíi pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Òógùn bò ó. Ètè rẹ̀ ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ, ó sì dá a lójú pé òun ń kú lọ.

Àwọn èrò ọkọ̀ ṣe aájò. Ọkùnrin kan ṣí fèrèsé, ẹlòmíràn já ọ̀rá omi tútù dà á lórí. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú, ó ń pariwo pé, "Ọmọ mi, mí o! Mí kanlẹ̀! Máa mí dáadáa!" Àbúrò mi gbọ́ràn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú tagbára-tagbára, léraléra. Kò pẹ́ tí àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi ká wọnú bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò sì lè tẹ́ wọn mọ́. Nígbà náà ni gbogbo ọkọ̀ sọ pé rọpárọsẹ̀ ni.

Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé ilé ìwòsàn, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ ti tẹ́, ojú sì ti ń tì í. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 128 lórí 80. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 92 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn náà ṣe ń lù sórí bébà, kò sí àbùkù níbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó tó. Dókítà ní ìpayà òjijì ló mú un, àti pé ìmọ̀ràn ìyá yẹn, tòun ti ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ló jẹ́ kí ìka rẹ̀ ká kò.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n jókòó ti dókítà náà pẹ́.

Èdè wa ti mọ ibi tí ẹ̀rù ń gbé kí dókítà tó dé. Ìpayà, ìjayà, ìfòyà: ẹ tú wọn wò, àyà ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹni tí kò bẹ̀rù, a ní ó láyà. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá, dókítà àrùn ọpọlọ, kọ̀wé nípa àìsàn tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí. Ohun tó ń rìn lórí bíi kòkòrò àti ariwo inú etí ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ṣùgbọ́n àyà lílù náà wà lára ohun tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń sọ. Ara ni a máa ń fi sọ ìdààmú ọkàn níbí, kò sì burú. Ibi tó ti ń burú ni kí a rò pé nítorí pé ara ló ń sọ ọ́, ọfà ni wọ́n ta sí wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kékeré kan wà tó dé e bíi fìlà. Bí ajá bá lé ọ ládùúgbò, ẹṣẹ́ yìí á da adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á yára kí ẹ̀jẹ̀ lè dé itan, èémí á yára, òógùn á jáde kí ara má baà gbóná jù. Ìmúrasílẹ̀ fún eré ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìpayà òjijì, ìmúrasílẹ̀ yìí kan náà ló dé, ṣùgbọ́n kò sí ajá, kò sì sí eré tí a ń sá. Ẹni náà jókòó sójú kan, ó ń mí bí ẹni tó ń sáré.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò dín lára rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka á sọ pé ó kún, 97 tàbí 98 nínú 100. Ohun tó ń tán lára rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kejì, èyí tí à ń mí síta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fi èémí àsárémí fẹ́ ẹ dànù ju bó ti yẹ lọ, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún díẹ̀, òòyì á dé. Bí kálísíọ̀mù ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ á yí padà, èèrà á máa rìn ní ètè àti ìka, ìka á sì ká. Ẹran ara àyà tó ti ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ á fún pinpin. Ẹni náà á wá rò pé èémí òun kò tó, á tún máa fà sí i. Ẹni tó bá sọ fún un pé kó mí kanlẹ̀ ń bu epo síná ni.

Nítorí náà, èémí ìta ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe tinú. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ àbúrò mi nìyí. Jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí èjìká wálẹ̀. (Bí o bá ń wa ọkọ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o pa á ná.) Gbé ọwọ́ kan lé ikùn, lókè ìdodo díẹ̀. Má tíì fa nǹkan kan sínú. Kọ́kọ́ sú ẹnu, kí o rọra fẹ́ èyí tó wà nínú jáde, bí ìgbà tí o ń fẹ́ ògì gbígbóná inú ṣíbí tí o kò fẹ́ kó dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu dé, kí o fi imú fà á wọlé bí o bá ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ tó wà níkùn ni kó gbéra, kí àyà má fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Má fà á kún bámú, bó ṣe ń wọlé lójoojúmọ́ ti tó. Fẹ́ ẹ jáde láti ení títí dé ẹ̀fà. Kò sí pé à ń sé èémí mọ́nú. Bí ẹ̀fà bá jìnnà jù fún ọ, fi ẹ̀ta wọlé, kí o fi ẹ̀rin jáde. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ti ìta gùn ju tinú lọ.

Ìṣẹ́jú kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá. Yóò dà bíi pé afẹ́fẹ́ kò tó, ara á ní kí o gba ọ̀kan ńlá. Má dá a lóhùn. Ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìpayà fúnra rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dé góńgó, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè rẹ ara títí di alẹ́. Àwọn kan rí i nínú fíìmù pé wọ́n ń fi àpò bébà bo ẹnu mí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá ọ̀rá. Bí ó bá lọ jẹ́ ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn ló ń ṣe é, ohun tí ẹ dí mọ́ ọn lẹ́nu lè pa á.

Ibẹ̀ ni mo ti bi dókítà náà pé báwo ni ènìyàn á ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, ẹ kò lè mọ̀ nílé, ẹ lọ yẹ ara wò. Kódà kí èémí yìí fara rọ̀ yín, kò jẹ́ ẹ̀rí pé ọkàn yín pé. Ìkọlù ọkàn sábà máa ń wúwo bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé àyà, ó lè ràn dé apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn tàbí gbé ẹrù. Àmọ́ lára obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó lè má ju àárẹ̀, èébì àti àìlèmí dáadáa lọ. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó ń mu sìgá, kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe èyí ní ìpayà. Bí àyà bá fún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ènìyàn bá dákú, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tó ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ gbé e kíákíá. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ẹni tó rin ìrìn-àjò gígùn, tí ẹsẹ̀ kan wú, tí èémí rẹ̀ sì ń já, kí ẹ gbé òun náà kíákíá, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112; l'Ékòó, 767 náà wà.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wò. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ ka bó ṣe ń lù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá kọjá 150 nígbà tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́, tàbí tí kò bá lù déédéé, tàbí tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dúró bí ẹni tan iná pa iná, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gan-an. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ jù náà ń mú àyà sáré. Bákan náà ni kọfí, ohun mímu amúnilágbára inú agolo, àti obì. Àbúrò mi ń jẹ gbànja ńlá kan láràárọ̀ kí oorun má baà gbé e nínú ọkọ̀. Ó ti dín in kù.

Ó tún mú un lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún afárá, ó ń gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi iṣẹ́. Sísá yìí ni àmì pé ọ̀rọ̀ ti ju èémí lọ. Ìtọ́jú wà fún un: ìjókòó pẹ̀lú onímọ̀ ìhùwàsí tí yóò rọra mú un padà síbi tó ń bẹ̀rù, tàbí oògùn ojoojúmọ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Èyí tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láti fi sùn, dáyásípáàmù àti àwọn ẹbí rẹ̀, ń tètè di bárakú. Àrò l'Abẹ́òkúta, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ń tọ́jú irú èyí pẹ̀lú, kì í ṣe wèrè nìkan.

Àbúrò mi ti padà sórí afárá. Ìyá ọjọ́ yẹn kò mọ̀ ni, ẹ̀yin ti wá mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá mú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀, ẹ má ní kó mí kanlẹ̀. Ẹ ní kó fẹ́ ògì.