Ímeèlì Alábòójútó Kọ̀ǹpútà Nípa Atọ́ka Tó Bàjẹ́

Àkójọ dátà tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ kì í wá orúkọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní atọ́ka tó ń lò, irú èyí tó máa ń wà ní ẹ̀yìn ìwé ńlá: ọ̀rọ̀ tò tẹ̀ léra wọn níbẹ̀, ojú-ewé tí a ti lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí atọ́ka bá bàjẹ́, àkọsílẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò máa dáhùn pé kò sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń mú kí alábòójútó kọ̀ǹpútà kọ ímeèlì sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ètò iṣẹ́ yóò dúró fún wákàtí díẹ̀ kí òun lè tún atọ́ka kọ́.

Ìbàjẹ́ irú èyí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àmì pé ẹ̀rọ ti gbó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń lo PostgreSQL wá láti inú àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè pa nǹkan lára. PostgreSQL kì í sábà fúnra rẹ̀ pinnu ọ̀rọ̀ tó ṣáájú èkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, glibc, ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ Linux, ló ń bi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, glibc 2.28 jáde pẹ̀lú òfin ìtòtẹ̀léra tuntun. Debian 10, tó jáde ní ọdún 2019, gbé e wọlé. Ẹni tó bá gbé sáfà rẹ̀ láti Debian 9 lọ sí 10 ní atọ́ka tí a fi òfin àtijọ́ tò, tí a sì ń fi òfin tuntun kà. Àṣẹ kékeré kan lè fi ìyàtọ̀ náà hàn:

```
( echo "1-1"; echo "11" ) | LC_COLLATE=en_US.UTF-8 sort
```

Lórí glibc àtijọ́, `11` ni yóò ṣáájú. Láti 2.28, `1-1` ló ń ṣáájú.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní nọ́ńbà tó ní àmì `-` nínú. Akọ̀wé tẹ nọ́ńbà ẹnì kan, kò rí i, ó rò pé wọn kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí ètò kọ̀ ọ́, torí nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n atọ́ka yẹn kan náà ni olùṣọ́nà, òun náà kò sì rí nọ́ńbà àkọ́kọ́. Báyìí ni ẹnì kan ṣe di méjì, tí owó tó dá ní oṣù yìí wà lábẹ́ ọ̀kan, tí tàtijọ́ sì wà lábẹ́ èkejì. Ibi tí ọ̀ràn yìí ti le gan-an nìyí, torí pé atọ́ka ṣeé tún kọ́ nígbàkígbà láti inú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ti pín sí méjì kò ní fúnra rẹ̀ padà di ọ̀kan.

Ìfura nìkan kò tó láti fi ti ètò iṣẹ́ pa. PostgreSQL ní irinṣẹ́ `amcheck` tó ń yẹ atọ́ka wò:

```
CREATE EXTENSION amcheck;
SELECT bt_index_check('omo_egbe_nomba_idx', true);
```

Bí atọ́ka bá dára, kò ní ráhùn rárá. Bí ìtòtẹ̀léra bá ti dàrú, yóò jẹ́ `item order invariant violated`. Ìgbà yìí ni alábòójútó tó lè kọ̀wé. Ímeèlì tó dára lè rí báyìí:

"Kókó: Ètò ìforúkọsílẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ láti aago 10 alẹ́ Sátidé sí aago 1 òru

Ẹ kú iṣẹ́ o. Atọ́ka tí ètò fi ń wá nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ti bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ kankan kò sọnù, ṣùgbọ́n àwọn kan kò fara hàn bí a bá wá wọn. A ó tún atọ́ka náà kọ́ lálẹ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò ní lè wọlé títí di aago 1. Kó tó di ìgbà náà, bí ẹ bá wá nọ́ńbà tí ẹ kò rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má forúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi. Bí iṣẹ́ kò bá tíì yọrí ní aago 12, a ó dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà ní aago 10, a ó sì mú ọjọ́ mìíràn."

Gbólóhùn tó wúlò jù níbẹ̀ ni èyí tó ní kí wọ́n má forúkọ ẹni lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń gbàgbé rẹ̀, wọ́n á wá fi ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú àtúnṣe sílẹ̀ kí ìbàjẹ́ máa pọ̀ sí i.

Aago 12 náà nídìí. Alábòójútó ti kọ́kọ́ dán gbogbo iṣẹ́ wò lórí ẹ̀dà sáfà: ká ní kíkọ́ atọ́ka gba ìṣẹ́jú 25, tí dídá ẹ̀dà ìpamọ́ padà sì gba 40. Ẹni tó bá dúró di aago 12 ààbọ̀ kó tó pinnu kò ní lè ṣí ètò ní aago 1.

Àṣẹ tó ń tún atọ́ka kọ́ ni `REINDEX`. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sínú tábìlì náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ètò pa. Láti PostgreSQL 12, `REINDEX CONCURRENTLY` wà, èyí tí kì í dá iṣẹ́ dúró. Àmọ́ àṣìṣe kan wà nínú 14.0 títí dé 14.3 tó lè mú kí àṣẹ yìí gan-an ba atọ́ka jẹ́, tí wọn kò sì tún ṣe àfi ní 14.4, ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Nígbà tí ìbejì bá tún wà nínú àkọsílẹ̀, títi ètò pa ló dára jù.

`REINDEX` yóò kùnà bó bá pàdé nọ́ńbà tó wà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìbejì ni a kọ́kọ́ ń wá. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà nìyí: bí ìwádìí bá gba inú atọ́ka tó bàjẹ́, irọ́ ni yóò pa. A ní láti kọ́kọ́ sọ fún ètò pé kó ka tábìlì fúnra rẹ̀:

```
SET enable_indexscan = off;
SET enable_indexonlyscan = off;
SET enable_bitmapscan = off;
SELECT nomba, count(*) FROM omo_egbe
GROUP BY nomba HAVING count(*) > 1;
```

Lẹ́yìn èyí ni a ó kó owó tó wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, tí a ó sì pa ìkejì rẹ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ètò ìpadà-sẹ́yìn wà fún. Bí `REINDEX` bá kùnà láàárín ọ̀nà, atọ́ka àtijọ́ ṣì wà bó ṣe wà, kò sí ohun tí a ń dá padà. Ṣùgbọ́n bí a bá da àkọsílẹ̀ ènìyàn méjì tó yàtọ̀ síra pọ̀ nítorí pé akọ̀wé kan tẹ nọ́ńbà ṣì, ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ló lè yà wọ́n padà. Irú ẹ̀dà tó jẹ́ náà sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà gbogbo dísìkì yóò dá atọ́ka tó bàjẹ́ padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀. Èyí tí a fi `pg_dump` ṣe kò gbé atọ́ka fúnra rẹ̀ dání. Ṣe ni yóò tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbejì tó wà níbẹ̀ yóò sì mú kí iṣẹ́ náà kùnà.

Kí wọ́n tó ṣí ètò, `bt_index_check` ni a tún ń lò. Bí kò bá ráhùn, a lè wá nọ́ńbà mélòó kan lára èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ránṣẹ́.

Láti PostgreSQL 15, tó jáde ní ọdún 2022, ètò náà ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ bí òfin ìtòtẹ̀léra bá ti yí padà lábẹ́ rẹ̀. `ALTER DATABASE ... REFRESH COLLATION VERSION` ló ń pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kì í tún atọ́ka kankan ṣe. Ẹni tó bá lò ó kó tó ṣe `REINDEX` ti pa ìkìlọ̀ náà, ó sì fi ìbàjẹ́ sílẹ̀.