Òtútù Tó Ń Bá Òjò Rìn: Ìmúra fún Ọmọ Wa Tó Ń Lọ Sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Oṣù Owewe ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń wọ bàálù lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní ju oṣù méjì lọ tí òtútù á fi ká wọn mọ́ ibẹ̀. Kóòtù ńlá kan ni òbí sábà máa ń rà fún wọn. Ó dáa, àmọ́ kò tó. Ọyẹ́ tiwa gbígbẹ ni, ètè ló ń là. Òtútù Mánṣẹ́sítà níbi tí mò ń gbé, òjò ló ń bá rìn, ara tó bá tutù tó tún rin ló ń jìyà jù.

Nígbà tí àbúrò mi dé, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fá orí rẹ̀ fún Ọbàtálá. Aṣọ funfun ló kún àpótí rẹ̀, òwú sì ni gbogbo wọn. Òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú mẹ́ta léra, ó sáré lé bọ́ọ̀sì, ó làágùn. Ìgbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tutù rinrin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ o. Kí ló wá dé tí mo fi ń gbọ̀n?”

Mo ní kó bọ́ gbogbo rẹ̀. A ra aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, tí kì í jẹ́ kí òógùn dúró sára. Súwẹ́tà ló lé e, kóòtù tí omi ò lè wọ̀ ló wà lókè pátápátá. Bùbá funfun rẹ̀ wà láàárín, kò sì sí èèwọ̀ tó bà jẹ́. Bó bá dé iwájú òrìṣà, á bọ́ kóòtù. (Ẹni tí èèwọ̀ tirẹ̀ bá le jù báyìí, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.) Orí fífá ò gbọdọ̀ wà láìní fìlà tó bo etí. Bàtà ńkọ́? Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kí ẹ tó wọ̀n ọ́n nílé ìtajà. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ò bá rí àyè yí, bàtà yẹn á mú ẹsẹ̀ tutù. Bó bá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn. Bí ibẹ̀ bá ti ń rin, kó bọ́ aṣọ kan kí òógùn tó pọ̀.

Inú ilé ni wàhálà kejì wà, èyí ló sì dùn mí jù. Igun ògiri tó kọjú síta ló gbé Ọbàtálá rẹ̀ sí. Nígbà tó fi di oṣù Ọ̀pẹ, àmì dúdúdúdú ti bo àlà tó wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rù, ó rò pé òrìṣà ń bínú. Mo ní kó wo fèrèsé láàárọ̀: omi ń ṣàn lára gíláàsì. Ẹ rántí bí omi ṣe máa ń yọ lára ìgò tútù n’Íbàdàn. Ohun kan náà ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ru ọ̀rinrin kan ògiri tútù, omi jáde, èébu hù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òrùlé ló ń jò, àmì rẹ̀ máa ń ní etí àwọ̀ ilẹ̀, ibì kan náà ló sì máa ń wà. Ẹni tó ni ilé ni kí ẹ pè.

Níbo ni ọ̀rinrin náà ti wá? Ó ń sá gbogbo aṣọ tó bá fọ̀ sórí irin amúlégbóná, ó sì ti fèrèsé pa. Ẹrù aṣọ kan lè tú omi tó lítà 2 sínú ilé. A kó aṣọ lọ sí ilé ìwẹ̀, a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a ṣí fèrèsé ibẹ̀ díẹ̀. Ó ń nu gíláàsì láràárọ̀, ó ń jẹ́ kí ilé wà ní ìwọ̀n 18 dípò kó máa tan iná kó tún máa pa á. A gbé òrìṣà lọ sí ògiri inú, a fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A fọ àlà, èébu náà ò padà mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó bá sùn lè má jí. Ẹ ra agogo tó ń kígbe bí afẹ́fẹ́ náà bá wà.

Obì ní tirẹ̀, gbígbẹ ló ń bá a jà. Bó bá sún mọ́ irin amúlégbóná, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á gbẹ. Àbúrò mi ń fi bébà tó rin díẹ̀ wé tirẹ̀ sínú fíríìjì nísàlẹ̀, ó sì ń tú u wò lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin kó má bàa rà.