Òrùlé Àwọ̀n Irin ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé yẹ̀ wò fún òrùlé gbọ̀ngàn eré kẹ̀kẹ́ Òlíńpíìkì 2012 ní Lọ́ńdọ̀nù: irin tó tẹ̀ bí ọrun, tàbí àwọ̀n okùn irin.

Irin ọrun mọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe lára. Àwọ̀n ló léwu lójú wọn, torí ó máa ń fa ògiri sínú. Àfi kí wọ́n fún ògiri lágbára sí i.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ti lè so ó pọ̀ kí wọ́n tó fà á sókè. Nǹkan bí kílò 30 péré ni mítà onígun mẹ́rin kan wọ̀n. Òrùlé náà kò sì ga, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mú gbóná lọ́dọọdún kéré.

Àwọ̀n ni wọ́n yàn. Ó dín nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀ kù nínú iṣẹ́.